Owó Orúkọ

Ìjẹ̀ṣà ni mí, bàbá mi sì ta aṣọ ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì kí wọ́n tó bí mi. Irú wọn ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló, àwọn tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kì í dìde títí owó á fi jáde. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó ń kàwé yìí lè mọ irú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Owó tó bá tọ́ sí mi, mo máa ń gbà á, ojú kì í sì í tì mí. Ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ ni onítìjú, ìtìjú náà ló sì fọ́ ọ lójú. Mi ò sọ ọ́ láti fi dárà. Ó fọ́jú lóòótọ́, ó sì yẹ kó ṣì máa ríran.

Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀gbá ni, tí a kò sì bára tan. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yàrá méjì tó kọjú sí títì nínú agboolé ńlá kan nítòsí Ìgá Ìdúngànràn. Pépà ni mo ń tà fún un nígbà náà. Mo ń gbé e fún un ní àwìn, gbèsè náà ń ga sí i, mo sì ń wá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀ bí ọmọ bàbá mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Àbúrò, ìwọ náà kúkú wọlé wá. Jẹ́ ká jọ máa ṣe é." Bí mo ṣe lóṣòó di alábàáṣepọ̀ nìyẹn. Bí èrè bá dé, ọ̀nà márùn-ún la ń pín in sí: òun mú mẹ́ta, èmi mú méjì. A ò jà lórí rẹ̀ rí.

Ìwé ìpè ìgbéyàwó là ń tẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìsọmọlórúkọ, àti rìsíìtì àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà. Lẹ́tà òjé ni Ẹ̀gbọ́n fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé òdìkejì lẹ́tà lo máa rí títí ẹ̀rọ á fi tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ọkùnrin yìí lè ka òdìkejì kíákíá ju bí èmi ṣe ń ka ọ̀ọ́kán lọ. Kò sí àṣìṣe tó lè gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìdílé kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn wá lọ́jọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó ní, "Ọdún tí ẹ ní wọ́n bí Màmá yìí, tí mo bá yọ ọ́ kúrò nínú ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn, a jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí wọ́n bímọ." Àwọn ọmọ olókùú rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń rán ènìyàn sí wa láti ìgbà náà lọ. Àwọn tó ní ìtẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Èbúté Mẹ́ta ń wọkọ̀ wá bá wa.

Ìgbà tí owó náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, tí pépà ń gbówó lérí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ni mo kọ́kọ́ rí i tí Ẹ̀gbọ́n ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn tó ti ń gbà kọjá láti ọdún pípẹ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ilẹ̀kùn ló ń fún ni àbí òun ló ń sanra. Kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́yìn, ó ní dókítà ojú ti sọ̀rọ̀. Omi tó wà nínú ẹyinjú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde dáadáa mọ́, ó ń tẹ ìṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyókù kò ní lọ.

Ìyókù náà pọ̀ nígbà yẹn. Ó ṣì ń ka lẹ́tà tó kéré jù nínú àpótí.

Ilé ìwòsàn ìjọba ní kó máa retí, nítorí irinṣẹ́ kan bàjẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Ilé ìwòsàn aládàáni ní kó mú owó wá, owó tó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Owó ńlá ni lọ́dún náà. Ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀gbà ọrùn, wọ́n fi ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Mo kó àjọ, mo fi ra òmíràn. Oògùn náà kàn ń dá a dúró ni. Mo ní kí a yọ owó nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n inú pépà àti inú ẹ̀rọ ni gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù wà, a ò sì lè gé ẹ̀rọ jẹ. Báńkì tó wà ní Tinúbú ní kí a mú ìwé ilẹ̀ wá. Ilẹ̀ wo? Ẹ̀gbọ́n wá mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ta ló máa gbé káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún afọ́jú?

Àárín wàhálà yìí ni Alhaji tó ni agboolé wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti parí ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé ní ilé-ìwé gíga, ó sì fẹ́ kó bá wa ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábàáṣepọ̀, kì í ṣe bí ọmọ iṣẹ́. Ó máa gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà wá, a ó sì fi ra ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì àlòkù. Inú mi dùn. Lẹ́tà òjé ti ń kú lọ, gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Ọmọ náà á máa gba ìdá kan nínú mẹ́rin èrè, èmi àti Ẹ̀gbọ́n á sì pín ìyókù bí a ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀.

Akáǹtáńtì wa, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí Tinúbú, ló sọ ohun tí èmi kò mọ̀ rí. Ó ní owó ẹ̀rọ yẹn nìkan kò tó. Owó ẹ̀rọ, inú iṣẹ́ ló máa wà, ti ọmọ náà ni, wọ́n á kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́la, ara tiwa ni wọ́n máa ti gé e, àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún wá oníbàárà. Ó gbọ́dọ̀ ra ìpín tirẹ̀ nínú orúkọ tí ṣọ́ọ̀bù ti ní.

"Gúdúwìlì ni wọ́n ń pè é," ó wí. "Orúkọ náà lówó lórí."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Orúkọ? Orúkọ lásán?"

Akáǹtáńtì ṣí ìwé èrè ọdún mẹ́ta. Ọdún tó ṣáájú, iléeṣẹ́ kan ti gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ńlá fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò sì padà wá mọ́. Ó yọ èrè iṣẹ́ yẹn kúrò, ó ní àlejò ni, kì í ṣe ará ilé. Ó ro èyí tó kù pọ̀, ó pín in sí mẹ́ta, èyí tó bọ́ sí ọdún kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí, ó ní, ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun ní àdúgbò yìí máa tó ọdún méjì kó tó ní irú oníbàárà tiwa. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ọmọ Alhaji máa san: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí a sì ṣe gé e lára èrè wa ní mẹ́ta sí méjì, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe pín owó yìí. Tèmi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ti Ẹ̀gbọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ sì lè mú un lọ sílé, akáǹtáńtì wí. Tiyín ni, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù.

Mo wo ojú Ẹ̀gbọ́n. Òun náà yíjú wò mí, gbogbo orí ló yí nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ó tó iṣẹ́ abẹ, ó ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ yẹn, mo sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọge.

Alhaji kì í ṣe òmùgọ̀ o. Nígbà tí a sọ iye náà fún un, ó tọ́ka sí Ẹ̀gbọ́n, tó máa ń pè ní Pírítà nítorí iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí Pírítà yìí bá lọ lọ́la, ṣé orúkọ náà máa dúró síbí àbí ó máa bá a lọ?" Akáǹtáńtì ní ìdí nìyẹn tí òun fi ṣe é ní ìlọ́po méjì péré, tí òun ò ṣe é ní márùn-ún. Alhaji mi orí, ó gbà. Èmi jókòó síbẹ̀, mo ń rò ó. Ohun tí a ń tà fún ọkùnrin yìí, ojú Ẹ̀gbọ́n ni, ojú náà sì ń lọ. Mo sọ fún ara mi pé owó náà gan-an ló máa dá ojú náà dúró, nítorí náà ohun tó rà á máa wà níbẹ̀ fún un. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ká ní Ẹ̀gbọ́n gba owó náà ni, kò sẹ́ni tí à bá rẹ́ jẹ.

Ọjọ́ owó pé. A pàdé ní ọ́fíìsì akáǹtáńtì, Alhaji, ọmọ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n àti èmi. Báńkì dírááfù owó ẹ̀rọ ti wà lórí tábìlì. Alhaji wá ki ọwọ́ sínú agbádá, ó fa àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ki fún owó yọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Ẹ̀gbọ́n.

"Pírítà, owó orúkọ nìyí. Ẹ kà á."

Mo ní láti sọ ohun kan nípa Alhaji àti Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé Èkó láìní nǹkan kan, Alhaji ló fún un ní yàrá méjèèjì, iye tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fi kún un láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n bá pa ẹran iléyá, itan ẹran máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí kan. Àwọn méjèèjì kì í sọ ọ́. Wọ́n kàn ń kíra wọn ní àárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò na ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba, ó ní, "Háà, Alhaji. Orúkọ wo? Ṣebí inú yàrá yín ni orúkọ náà ti dàgbà. Ẹ fi owó yẹn sápò. Ọmọ yín, ọmọ mi ni."

Gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí ènìyàn bá gbé oúnjẹ fún ọ, o ní ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo ti yó. Onílé á ní rárá o, o gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. O tún kọ̀. Ó tún bẹ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, o fọwọ́, o jẹ ẹ́. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Àpọ́nlé ló ń fún Alhaji, ó sì ń dúró kí Alhaji bẹ òun. Mi ò tiẹ̀ mí kanlẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Alhaji ní, "Rárá o. A ti ṣe ìṣirò. Gbà á."

"Alhaji, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Mo ti gbà á, mo ti fi ta ọmọ lọ́rẹ."

Alhaji wò ó dáadáa. "Ṣé tọkàntọkàn ni?"

"Tọkàntọkàn ni, Alhaji."

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i. Mo ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí kí omi hó. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Alhaji. Lọ́jà, bí ènìyàn bá sọ lẹ́ẹ̀mejì pé òun ti yọ̀ǹda owó fún ọ, o máa dúpẹ́ ni, o ò ní máa jà láti sanwó. Ojú rẹ̀ yí padà, mo rí i pé ó wọ̀ ọ́ lára gidi. Ó dá àpò ìwé náà padà sínú agbádá, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà.

Mo pariwo. Mo ní, "Alhaji, ẹ dúró ná. Tèmi ńkọ́? Èmi ò tíì fi tèmi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alhaji ní, "Òṣómàáló!" Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí mo bá ti ṣe ni àbúrò mi ṣe." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ tèmi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Alhaji sì tẹ̀ síwájú. Ó ṣe ti Lárúbáwá, ó ṣe ti Yorùbá. Ó ní Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú Pírítà rí ibi. Ó ní bó ṣe fojú àánú wo ọmọ òun yìí, kí Ọlọ́run fojú àánú wò ó. Àdúrà náà gùn, ó sì dára. Ọmọ rẹ̀ ní àmín, akáǹtáńtì ní àmín. Ẹ̀gbọ́n ní àmín. Èmi náà sọ ọ́, nítorí ta ló máa dákẹ́ sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀?

Akáǹtáńtì gbìyànjú. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní tí wọn ò bá tilẹ̀ fẹ́ gbówó sọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é nínú ìwé nìkan: kí òun kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kún owó ìpìlẹ̀ Ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́, kí òun kọ mẹ́fà kún tèmi, kí òun sì yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ti ọmọ Alhaji. Kọ́bọ̀ kò ní kúrò níbì kan dé ibì kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń lọ, á rí tirẹ̀ mú.

Alhaji yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Kò bínú, ó kàn yà á lẹ́nu. "Ṣé ohun tí a ti ṣe àmín sí náà la tún ń kọ sílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Rárá o, Alhaji. Ó ti tán."

Bí lọ́yà kan ní Igbósèrè ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wa nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé a kò ní ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí owó, yálà nígbà tí ẹnì kan bá ń wọlé tàbí nígbà tí ẹnì kan bá ń jáde. Mo béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bóyá a lè yí i. Ó ní bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fohùn ṣọ̀kan, ìṣẹ́jú kan ni. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a jáde, mo bú u. N kò bú u rí tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ríran? Àdúrà?"

Ó ní, "Ó yẹ kó tún bẹ̀ mí." Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó yẹ kó tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ẹ lọ bá a nígbà náà."

"Kí n lọ gba ohun tí mo ti fi tọrẹ? Lọ́wọ́ ẹni tó fún mi nílé?"

Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà mo lọ fúnra mi. Alhaji jókòó sórí ẹní ní gbọ̀ngàn agboolé, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi, mo kọ̀ ọ́, mo lóṣòó síwájú rẹ̀ gan-an bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní nípa owó orúkọ ni mo ṣe wá.

"Ṣé òun ló rán ẹ?"

Mo ti búra nípa ojú yẹn. Mi ò sì lè purọ́ pé ó rán mi, nítorí ó máa bi Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní, "Rárá, Alhaji."

Ó gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Tí mo bá fún ìwọ ní tìrẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo ti bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó ṣe. Tí mo bá gbé tirẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó béèrè, ó máa rò pé mo kọ ọrẹ rẹ̀. Sọ fún un kó wá. Ọjọ́ tó bá wá, kò ní jókòó tán kí n tó kó o fún un."

Mo sáré padà. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn! Ó gbé ọ̀pá tí a fi ń to lẹ́tà sílẹ̀, ó ní, "O lọ ń tọrọ jẹ fún mi." Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí oṣù náà fi parí. Kò sì lọ. Kò ju nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ lọ láti ṣọ́ọ̀bù wa dé gbọ̀ngàn Alhaji, kò lọ. Ìgbà tí mo ní màá sọ ọ̀rọ̀ ojú náà jáde, ó ní lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́ ni òun máa kó aṣọ òun, kí n máa wo ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ṣe é. Mo dákẹ́. Inú ń bí mi sí i bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ Alhaji dé, ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì dé. Ọmọ dáadáa ni, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n láràárọ̀. Àwòrán tó ń jáde lára ẹ̀rọ náà mọ́ ju tiwa ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tó máa tẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé ẹ̀dà kan fún Ẹ̀gbọ́n kó yẹ̀ ẹ́ wò fún àṣìṣe, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí àwọn ènìyàn ń wá sí ọ̀dọ̀ wa fún nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n á gbé e sún mọ́ ojú. Á máa mi orí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń rí i. Nígbà tó yá, ó ń sọ pé kí wọ́n kà á sí òun létí, ó ní ìgò ojú òun kò dára. Nígbà tó tún yá, kò ní kí wọ́n kà á mọ́. Á gbé e mọ́ ojú fún ìgbà tó yẹ kí ènìyàn fi ka ìwé, á ní, "Ó dára. Tẹ̀ ẹ́."

Èmi náà ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ bí mo bá ráyè. Èmi kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n. Àṣìṣe ń gba iwájú mi kọjá.

Oníbàárà kì í sọ fún ọ pé òun ń lọ. O kàn máa rí i pé o ò rí i mọ́. Àwọn tó ń wọkọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta rí i pé káàdì wa kò yàtọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà wọn mọ́. Àwọn Ìdúmọ̀tà ń tẹ rìsíìtì níbòmíràn. Èyí tó parí rẹ̀ ni káàdì ìgbéyàwó kan, ti ọmọ ẹnì kan tó ti ń bá wa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé ìyàwó sí abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ilé ìyàwó. Wọ́n ti pín in tán kí wọ́n tó rí i. Bàbá ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò pariwo. Ó na káàdì náà sí Ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí èyí jáde?" Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà, ó mú afẹ́fẹ́. Gbogbo wa rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ló ní òun ń fẹ̀yìn tì.

A tún padà sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Tinúbú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú gun àtẹ̀gùn. Alhaji wá, ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló di òun náà mú. Akáǹtáńtì ka owó ìpìlẹ̀ Ẹ̀gbọ́n sí wa létí, ó yọ ìpín tirẹ̀ nínú àdánù ọdún tó kọjá. Ohun tó kù, bí owó ṣe rí nígbà náà, kò lè ra pépà oṣù méjì.

Alhaji ní, "Orúkọ ńkọ́? Ẹ ka ti orúkọ fún un. Mi ò bìkítà ohun tí ìwé lọ́yà sọ. Ọmọ mi gbà. Òṣómàáló náà gbà, àbí?"

Mo ní mo gbà.

Akáǹtáńtì bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀ nílé. Èrè ọdún mẹ́ta tó kọjá, tí ènìyàn bá rò ó pọ̀, tí ó pín in sí mẹ́ta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlọ́po méjì òfo, òfo náà ni.

Alhaji wá yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó sì ń wo ojú rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ láìwo ibì kan. Ọmọ Alhaji ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ó sì ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí rírí. "Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni ì bá ti gbà ọ́. Wọ́n ní owó yẹn lo fẹ́ fi ṣe é. Ọwọ́ mi ni mo fi nà án sí ọ. Pírítà, kí ló dé tí o kò gbà á?"

Ẹ̀gbọ́n yí orí sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Mo rò pé ẹ máa bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta ni, Alhaji."

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àgbàlagbà ni, kò fi aṣọ bo ojú. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n kò rí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí apá agbádá ṣe gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji," ó wí. "Ẹ má ṣàdúrà kankan."

Alhaji sọ ọwọ́ kalẹ̀. Akáǹtáńtì ti ìwé náà sún mọ́ wa. Mo fi bírò sí Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, mo gbé ẹnu bírò náà lé ibi tí ìlà wà, ó sì fọwọ́ sí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀ tán pátá, lẹ́tà lórí lẹ́tà, ó gun orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ síbẹ̀. Ó bi mí bóyá ó wà lórí ìlà. Mo ní ó wà lórí ìlà.